Bí a ṣe wá sìlíńdà gáàsì kan nínú fídíò wákàtí 35

Tí ẹnikẹ́ni bá pè mí pé nǹkan sọnù, pé kí n wá bá àwọn wo kámẹ́rà, ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n kì í ṣe pé ta lẹ fura sí. Ohun tí mo máa ń bèèrè ni pé, nǹkan tó ṣẹlẹ̀ yìí, ṣé ó fi àpá sílẹ̀ nínú àwòrán àbí ó kàn kọjá lọ ni? Àwọn míì á dákẹ́, wọ́n á máa wò mí, wọn ò rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló máa sọ bóyá ìṣẹ́jú díẹ̀ la máa fi rí i àbí a máa jókòó ti sikirini títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ohun tí mò ń pè ní àpá nìyí. Ọkọ̀ wà níbì kan lánàá, lónìí kò sí níbẹ̀ mọ́. Gíláàsì fèrèsé kan wà dáadáa, ó ti fọ́ báyìí. Ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn, kò tì í padà. Gbogbo ìwọ̀nyí, tí ẹ bá wo àwòrán ẹyọ kan ṣoṣo láìtẹ fídíò rárá, ẹ ó mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ tàbí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn fo fẹ́ǹsì wọlé tó sì tún fò ó jáde, tàbí ẹni tó gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá lọ, kò fi nǹkan kan sílẹ̀, àwòrán tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e bákan náà ni. Irú èyí nílò ọ̀nà míì. Ọ̀nà méjèèjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lónìí, mo sì máa fi ọ̀rọ̀ sìlíńdà kan ṣàlàyé ẹ̀, torí inú ọ̀rọ̀ yẹn la ti lo méjèèjì.

Mo máa ń tọ́jú kámẹ́rà fún ọgbà ìtajà kan nílùú Ìbàdàn. Kámẹ́rà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ àti ẹ̀rọ dífíà kan tó ń gba fídíò pamọ́ sínú háàdì díìsìkì. Ìyá Ìbejì tó ń ta oúnjẹ ní kọ̀rọ̀ ọgbà tilẹ̀kùn lálẹ́ Sátidé ní bí aago mẹ́jọ, wọn kì í tajà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìgbà tí wọ́n dé ní aago méje àárọ̀ Mọ́ńdè ni wọ́n rí i pé sìlíńdà gáàsì kílò 12.5 tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìta ló máa ń wà torí kò bójú mu kéèyàn ti gáàsì mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé. Sìlíńdà yìí kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹni tó ń fi oúnjẹ títà jẹun o, láìsí i kò sí ìrẹsì, kò sí ọbẹ̀, kò sí owó ọjọ́ yẹn.

Kí n tó débẹ̀, wọ́n ti dá ẹjọ́ náà tán. Wọ́n ní Bàbá gáàdì ni. Ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé Nẹ́pà mú iná lọ ní ìdájí Sọ́ńdè, láti bí aago mẹ́ta lọ sí bí aago márùn-ún, dífíà ò sì sí lórí ìnfátà, nítorí náà kámẹ́rà ò rí nǹkan kan láàárín wákàtí yẹn. Wọ́n ní Bàbá mọ̀ pé kámẹ́rà ti kú, ìgbà yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó gbé e. Alága ọgbà ti ń sọ pé wọ́n máa yọ owó ẹ̀ nínú owó oṣù Bàbá. Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú géètì, wọ́n bọ́ fìlà wọn sórí orúnkún, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ò ju “Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ o.”

Alága wá bá mi, wọ́n ní, “Injiníà, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, aago mẹ́ta sí aago márùn-ún òru Sọ́ńdè yẹn ni kẹ́ ẹ wò, ẹ kàn wo ṣáájú ẹ̀ díẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀ díẹ̀.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ìgbà tí a rí i gbẹ̀yìn nínú àwòrán ná.”

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà gan-an nìyí, ó sì máa ń dùn mí. Ó dáa kéèyàn dín wákàtí tó fẹ́ wò kù, kò sẹ́ni tó lè wo gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni ẹ fi ń dín in kù? Tó bá jẹ́ ìfura lẹ fi dín in kù, ẹni tẹ́ ẹ fura sí nìkan lẹ máa rí nínú ẹ̀, torí wákàtí tí ẹni náà wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ lọ wò. Tẹ́ ẹ bá wo aago mẹ́ta sí márùn-ún òru, ta lẹ fẹ́ rí níbẹ̀ bí kò ṣe gáàdì? Àwòrán ló yẹ kó sọ fún yín pé wákàtí wo lẹ lè jù nù.

Mi ò tíì fọwọ́ kan fídíò tí mo fi wo aago ẹ̀rọ náà. Mo ṣí àwòrán tó ń lọ lọ́wọ́ lójú sikirini, mo gbé fóònù mi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo fi aago méjèèjì wé ara wọn. Aago dífíà fi ìṣẹ́jú 19 yá ju ti fóònù lọ. Kí aago dífíà má péye wọ́pọ̀ gan-an nílé wa, torí dífíà tí kò sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní ibi tó ti ń gba aago tó péye, bátìrì kékeré róbótó tó wà nínú ẹ̀ sì máa ń kú lẹ́yìn ọdún díẹ̀, nígbà tí iná bá lọ aago á dúró tàbí kó padà sẹ́yìn pátápátá. Mo kọ ìṣẹ́jú 19 yẹn sínú ìwé pẹ̀lú déètì. Nǹkan kan tún wà níbẹ̀: ìṣẹ́jú 19 yìí, ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí ni aago lẹ́yìn ìgbà tí iná ti dé, torí iná tó lọ yẹn fúnra ẹ̀ lè ti yí aago padà. Fún ìgbà tó ṣáájú, èèyàn máa nílò ẹ̀rí míì. Gbogbo aago tí mo máa dárúkọ láti ibí lọ, aago ojú dífíà ni, àfi tí mo bá sọ pé òmíràn ni.

Mo wá ṣí Playback, mo mú kámẹ́rà 3 tó dojú kọ ògiri Ìyá Ìbejì. Mo kọ́kọ́ wo orí méjèèjì. Sátidé 20:00, sìlíńdà wà níbẹ̀. Mọ́ńdè 07:00, kò sí níbẹ̀. Ẹ má fo èyí o, torí àwọn èèyàn máa ń fi ẹnu sọ pé nǹkan wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ báyìí, tẹ́ ẹ bá wo àwòrán ẹ ó rí i pé ó ti lọ láti ọ̀sán. Ní báyìí mo ní wákàtí 35, mo sì mọ̀ dájú pé láàárín ẹ̀ ni ìyípadà náà wà.

Wákàtí 35, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ máa sáré wò ó ní ìlọ́po 16, ó ṣì máa gbà yín ní wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀, fún kámẹ́rà ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni sísáré wò yẹn máa ń tanni jẹ. Nínú fídíò tí dífíà ń gbà, kì í ṣe gbogbo àwòrán ló pé, àwòrán kan á pé, àwọn tó tẹ̀ lé e á kàn sọ ohun tó yí padà, títí di ìgbà tí òmíràn tó pé á tún dé, ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ èyí jẹ́ bíi sẹ́kọ́ǹdì méjì méjì. Tẹ́ ẹ bá ti sáré jù, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á máa fo láti àwòrán tó pé kan sí òmíràn, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn ò ní jáde sójú sikirini rárá. Kí ojú tiyín tó rẹ̀, ẹ̀rọ ti fò ó kọjá.

Nítorí náà mi ò tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ. Mo gé wákàtí 35 sí méjì, mo tẹ máòsì sí àárín gbùngbùn ìlà àkókò, Sọ́ńdè 13:30, mo dá a dúró. Àwòrán kan ṣoṣo. Oòrùn ń ràn, ògiri funfun ń tàn, sìlíńdà búlúù náà dúró síbi tó máa ń dúró sí.

Mo ní kí Alága wá wò ó. Mo ní, “Sà, ṣé ẹ rí i? Ọ̀sán Sọ́ńdè rèé. Iná ti lọ, iná ti dé, ilẹ̀ ti mọ́, Bàbá ti ṣiṣẹ́ tán wọ́n ti lọ sílé, sìlíńdà ṣì wà níbí.” Wọ́n sún mọ́ sikirini, wọ́n fi ìka kan án. Wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Àwòrán kan yẹn ló mú gbogbo alẹ́ Sátidé, ìdájí Sọ́ńdè àti wákàtí tí kámẹ́rà fi kú kúrò nínú ọ̀rọ̀, láìsí pé a wo ìṣẹ́jú kan nínú wọn. Àlàfo tí gbogbo èèyàn ń pariwo lé lórí ò tiẹ̀ kàn wá mọ́. Bí kámẹ́rà bá kú fún wákàtí méjì, ohun tó yẹ kéèyàn bèèrè ni bóyá nǹkan tó wà kó tó kú ṣì wà lẹ́yìn tó jí, tó bá ṣì wà, a jẹ́ pé àlàfo yẹn ò gbé nǹkan kan lọ.

Mo ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Àárín 13:30 Sọ́ńdè àti 07:00 Mọ́ńdè ni 22:15. Kò sí níbẹ̀. Àwòrán òru lèyí o, kámẹ́rà ti bọ́ sí iná àìrí tó fi ń ríran lókùnkùn, àwọ̀ búlúù ò sí mọ́, gbogbo nǹkan ti di eérú, nítorí náà mi ò wá àwọ̀, ìlà tí ògiri àti ilẹ̀ ti pàdé ni mo wò, èyí tí sìlíńdà máa ń bò tó bá wà níbẹ̀. Ìlà yẹn hàn gbangba láti òpin dé òpin. Ó ti lọ. Àárín 13:30 àti 22:15 ni 17:52, kò sí níbẹ̀. Àárín 13:30 àti 17:52 ni 15:41, kò sí níbẹ̀. Ó ku wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 11. Mo gé e sí méjì, 14:35.

Kẹ̀kẹ́ Màrúwà kan dúró síwájú ògiri náà gan-an, ó bo gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ká ní nǹkan kan ò dí i ni, mo lè máa gé e lọ bẹ́ẹ̀ títí màá fi kan ìṣẹ́jú kan, torí wákàtí 35 tẹ́ ẹ bá ń gé e sí méjì méjì, ìgbà 12 péré ló máa gbà kó tó wọ inú ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n gígé sí méjì máa ń dá wa dúró níbi mélòó kan. Ọ̀kan ni tí nǹkan bá dí ojú ibẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ yìí. Òmíràn ni tí nǹkan náà bá kúrò tó tún padà wá, bóyá ẹnì kan yá a tó dá a padà kí wọ́n tó wá jí i, ẹ máa rí ìyípadà kan ṣùgbọ́n kò dájú pé òun ni àkọ́kọ́. Ní tèmi, mo ti mọ pé wákàtí méjì àti díẹ̀ ló kù, ibẹ̀ ni wíwá nǹkan tó mira ti wúlò.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ dífíà tó wà nígboro, irú Hikvision àti Dahua, ló ní in, ó lè jẹ́ Smart Search lẹ máa rí lójú sikirini. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹ̀rọ pín àwòrán sí àwọn ojú kéékèèké bí ojú àwọ̀n, ó lè jẹ́ 22 níbùú àti 18 lóròó, bó sì ṣe ń gba fídíò ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní aago báyìí ojú báyìí yí padà. Tẹ́ ẹ bá wá bi í léèrè lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kò ní wo fídíò lẹ́ẹ̀kan sí i, àkọsílẹ̀ yẹn ló máa kà, ìdí nìyẹn tó fi ń yá. Ìdí náà sì nìyẹn tó fi jẹ́ pé lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, tí ẹni tó so ó ò bá tan Motion Detection sílẹ̀ nígbà tó ń gba fídíò, kò ní sí nǹkan kan láti wá, ẹ ó rí òfìfo, ẹ ó rò pé kò sẹ́ni tó kọjá. Kẹ́ ẹ tó gba òfìfo gbọ́, ẹ wá aago kan tẹ́ ẹ mọ̀ dájú pé èèyàn kọjá níbẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ rí i. Tí kò bá rí èyí tẹ́ ẹ mọ̀, kò lè rí èyí tẹ́ ò mọ̀.

Iṣẹ́ gidi ibẹ̀ ni ibi tẹ́ ẹ fi máòsì yà lójú àwòrán pé kí ẹ̀rọ wá. Tẹ́ ẹ bá yà gbogbo àwòrán, gbogbo nǹkan tó mira ló máa wá. Ní ọgbà yìí, tapólì kan wà tí wọ́n ta síwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ láti àárọ̀ dalẹ́, tapólì yẹn nìkan á kún gbogbo ìlà àkókò. Òjìji igi máńgòrò náà wà níbẹ̀ tó ń rìn lórí ilẹ̀ bí oòrùn bá ṣe ń yí. Lálẹ́ ló tún burú jù, torí iná àìrí kámẹ́rà máa ń fa kòkòrò, kòkòrò kékeré tó bá fò súnmọ́ gíláàsì á tóbi ju èèyàn lọ nínú àwòrán, alántakùn á sì ta òwú síwájú ẹ̀ tí á máa mì. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú tí kámẹ́rà bá yí láti àwọ̀ sí eérú, gbogbo ojú àwòrán ló máa yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ á kà á sí ohun tó mira. Àmì tí mo fi máa ń mọ̀ pé mo yà á jù ni pé àmì pupa tó ń tọ́ka sí ìgbà tí nǹkan mira á bo ìlà àkókò láìsí àlàfo. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tún yà á kéré jù, kó jẹ́ orí sìlíńdà nìkan, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ lásán ló máa wọ ibẹ̀, kó má tó ohun tí ẹ̀rọ máa kà sí. Mo yà ibi tí sìlíńdà dúró sí àti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ àti iwájú ẹ̀, mo yọ tapólì kúrò, mo sì fi àkókò sí 13:30 sí 15:41 nìkan.

Díẹ̀ ló jáde. 13:52, ewúrẹ́ kan tó fimú gbá ilẹ̀ kọjá. 14:27, kẹ̀kẹ́ wọlé ó dúró. 14:44, kẹ̀kẹ́ kúrò. 15:12, ọmọ kan sáré lé bọ́ọ̀lù. Mo wo àwòrán tó kẹ́yìn kí kẹ̀kẹ́ tó bo ibẹ̀, sìlíńdà wà. Mo wo àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ kúrò, ilẹ̀ lásán àti àmì róbótó níbi tí ìdí ẹ̀ ti máa ń jókòó. Wákàtí 35 ti di ìṣẹ́jú 17.

Ìṣẹ́jú 17 yìí ni mo wá tẹ̀ kó máa lọ bó ṣe rí, láìsáré rárá, Alága jókòó tì mí, Ìyá Ìbejì dúró lẹ́yìn wa. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ń kó páálí ohun mímu wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ṣọlá tó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó ń lọ ó ń bọ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó mú ìfura wá. Kó tó lọ gbẹ̀yìn, ó gba ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kọjá sí ìhà ògiri, a ò rí i mọ́, orí ẹ̀ nìkan ló yọ lókè òrùlé kẹ̀kẹ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, orí náà wálẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ̀kẹ́ náà rì. Kò rì púpọ̀, ara ẹ̀ lápá ẹ̀yìn kàn wálẹ̀ díẹ̀, ó mì lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Mo dá a padà, mo tún tẹ̀ ẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù inú ẹ̀ kúrò, tí kò sẹ́ni tó gùn ún, kí ló ń mú un rì? A ò rí ọwọ́, a ò rí sìlíńdà, ṣùgbọ́n nǹkan tó wúwo wọ inú ẹ̀ láti ìhà tí a ò rí, ìyẹn sì hàn. Ìyá Ìbejì ní, “Yéè, sìlíńdà mi nìyẹn.”

Èyí ò tó láti mú èèyàn. Nítorí náà mo lọ sí kámẹ́rà 1 tó wà ní géètì, àkókò kan náà, mo fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún iwájú àti ẹ̀yìn. Kámẹ́rà méjèèjì wà lórí dífíà kan náà, aago wọn bára mu, kò sí ìṣirò kankan láti ṣe. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà aládùúgbò lẹ lọ yá, aago tiẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ wò, torí ó lè fi ìṣẹ́jú mélòó kan yàtọ̀ sí tiyín. Ní géètì, mo yà ẹnu ọ̀nà nìkan, mi ò fi títì kún un torí ọkọ̀ tó ń kọjá lóde á pọ̀ jù. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń wọlé, páálí ló kún ẹ̀yìn ẹ̀. Nígbà tó ń jáde, ẹyọ nǹkan kan wà nílẹ̀ ìjókòó ẹ̀yìn tí wọ́n fi àpò sìmẹ́ńtì bò, etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ yọ, búlúù ni.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ ò ṣeé kà, ojú awakọ̀ náà ò sì mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń bínú síbí, wọ́n á ní kí n fẹ̀ ẹ́ sí i. Kò sí ohun tí fífẹ̀ máa mú wá tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwòrán kámẹ́rà géètì yìí ní písẹ̀lì 1920 níbùú, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ó sì ń wo ibi tó fẹ̀ tó mítà 16, ìyẹn ni pé písẹ̀lì 120 ló wà fún mítà kan. Ìlànà àwọn oníkámẹ́rà, IEC 62676-4 ti ọdún 2014, ní kó tó 250 fún mítà kan kéèyàn tó lè dá ojú ẹni tí kò mọ̀ rí mọ̀, kó tó 125 kéèyàn tó lè sọ pé ẹni tí òun mọ̀ rí nìyí. A ò dé èkíní, a ò fi bẹ́ẹ̀ dé èkejì. Fídíò náà lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀, kò lè sọ orúkọ. Mo sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, torí ibi téèyàn ti ń fi ojú bàìbàì mú ẹlòmíì ni wọ́n ti ń lu aláìṣẹ̀ láàárín ìgboro.

Ohun tó yọ wá ni aago. Mo bi Ìyá Ṣọlá bóyá wọ́n sanwó fún ẹni tó gbé ọjà wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n ní àwọn fi owó ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Wọ́n ṣí álẹ́ẹ̀tì báǹkì, aago 2:21 ọ̀sán ló wà níbẹ̀. Tí mi ò bá mọ̀ nípa ìṣẹ́jú 19 yẹn, 14:21 ojú dífíà ni màá máa wò, ìgbà yẹn kẹ̀kẹ́ ò tíì wọlé rárá, Alága ì bá sì sọ pé kẹ̀kẹ́ míì ni. Ẹ fi 19 kún 14:21, ó di 14:40, ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó jáde. Ó bọ́ sí i gẹ́ẹ́. Orúkọ tó gba owó náà wà lórí álẹ́ẹ̀tì. Ìyá Ṣọlá pè é, wọn ò pariwo, wọ́n kàn sọ fún un pé kámẹ́rà wà ní ọgbà, pé àwọn ti rí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ nígbà tó rì àti nígbà tó jáde. Sìlíńdà padà wá, Ìyá Ìbejì ni wọ́n fẹ́ kó parí síbẹ̀. Alága lọ bá Bàbá gáàdì níwájú géètì, wọ́n bẹ̀ wọ́n níṣojú gbogbo wa, owó oṣù Bàbá sì pé.

Ọjọ́ yẹn náà ni mo ti kó fídíò jáde, 14:20 sí 14:50, kámẹ́rà méjèèjì, sórí fùláàṣì méjì. Èyí ò ṣeé sún síwájú. Tí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan bá ń lo mẹ́gábíìtì méjì ní sẹ́kọ́ǹdì kan, ó máa jẹ nǹkan bíi gígábáìtì 22 lójúmọ́, mẹ́rin máa jẹ bíi 86, háàdì díìsìkì tẹ́rábáìtì kan á kún ní bí ọjọ́ 11, lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ẹ má sì fi fóònù ya sikirini kẹ́ ẹ rò pé ẹ ti tọ́jú ẹ̀, aago ò ní hàn dáadáa, díẹ̀ nínú àwòrán náà á ti lọ, ọlọ́pàá tẹ́ ẹ bá gbé e lọ bá lè sọ pé fídíò gidi làwọn fẹ́. Mo kọ “aago dífíà fi ìṣẹ́jú 19 yá” sórí ìwé kan, mo fi sínú fáìlì tó wà pẹ̀lú fùláàṣì náà.

Ìgbà míì wà tí èèyàn ò ní fún yín ní dífíà, fáìlì lásán ni wọ́n máa fi ránṣẹ́, Smart Search ò sì sí nínú fáìlì. Mo máa ń lo kọ̀ǹpútà fún ìyẹn. Ká ní ẹ ní fáìlì kámẹ́rà 3 tó bẹ̀rẹ̀ ní 13:30, tẹ́ ẹ sì ti gé e sí méjì títí ẹ fi mọ̀ pé àárín 14:20 sí 14:50 ló wà, ẹ fi ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń gé fídíò, gé ibẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbé e fún DVR-Scan, ètò tó ń wá ibi tí nǹkan mira, ọ̀fẹ́ ni òun náà:

```
ffmpeg -ss 00:50:00 -to 01:20:00 -i kamera3.mp4 -c copy kekere.mp4
dvr-scan -i kekere.mp4 -r -so
```

`-c copy` ò tún fídíò náà ṣe, ó kàn ń gé e, ìdí nìyẹn tó fi yá, ṣùgbọ́n orí àwòrán tó pé ló máa ti bẹ̀rẹ̀, ó lè fi sẹ́kọ́ǹdì díẹ̀ yàtọ̀ síbi tẹ́ ẹ ní kó ti gé. `-r` ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ fi máòsì ya ibi tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣọ́, `-so` ní kó kàn sọ àkókò tí nǹkan mira láìkọ fídíò tuntun. Àkókò tó máa sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì kékeré yẹn ló ti kà á, kì í ṣe aago ojú dífíà, ẹ ní láti fi 14:20 kún un. Fáìlì gígùn gba àkókò níbí torí ó ní láti wo gbogbo àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ gé e kúrú kẹ́ ẹ tó fún un.

Alága bi mí pé kí la máa ṣe kí a lè rí ojú èèyàn lọ́jọ́ míì. Mi ò ní kí wọ́n ra kámẹ́rà tó tóbi jù. Mo ní kí wọ́n fi kámẹ́rà 1 sílẹ̀ kó máa wo gbogbo ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n fi òmíràn kún un sára òpó géètì, kó má ga ju orí èèyàn lọ púpọ̀, kó máa wo ibi tí kò fẹ̀ ju mítà mẹ́rin lọ, ibi tí gbogbo ẹni tó ń jáde gbọ́dọ̀ gbà. Kámẹ́rà 1920 kan náà, mítà mẹ́rin, písẹ̀lì 480 fún mítà kan. Wọ́n tún ra ìnfátà kékeré kan fún dífíà, mo sì pààrọ̀ bátìrì róbótó tó wà nínú ẹ̀.